Láti Káàdì Alájọ Dé Ojú Fóònù: Bí A Ṣe Ń Ṣe Fídíò Àlàyé fún Áàpù Ìfowópamọ́

Ohun tó sábà máa ń ba fídíò àlàyé jẹ́ ni pé iṣẹ́ mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan máa ń dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíì á ya àwòrán sí i, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí ìran kan á ṣe kọjá sí èkejì. Fídíò bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí àwòrán mẹ́fà tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí ojú mọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ ọ̀rọ̀, kí ohun náà sì máa yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá ti rí i, ìdajì iṣẹ́ ìkọjá láti ìran sí ìran ti parí kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Áàpù náà máa ń yọ ₦500 nínú àkáǹtì oníbàárà lójoojúmọ́, á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú, àfi tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ gbà á ṣáájú. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ìyá tó ń tajà, tó mọ àjọ dáadáa, tó sì ń fowó ilé-ìwé ọmọ pamọ́. Orí fóònù ló ti máa wo fídíò yìí, bóyá nígbà tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Nítorí náà, fídíò tó dúró gbọọrọ ni a ó ṣe, píksẹ́lì 1080 ní fífẹ̀ àti 1920 ní gíga. Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà, fírémù 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ fírémù 1,250.

Ohun tí ojú ìyá yìí mọ̀ jù ni káàdì alájọ: páálí kékeré tó ní igunmẹ́rin 31, tí alájọ ń fàlà sí ọ̀kan lójúmọ́. Igunmẹ́rin yẹn ni a ó gbé rìn.

Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà fún etí. Tí ẹ bá kọ gbólóhùn kan tán, ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù, bí ẹni ń bá ìyá náà sọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, kí ẹ má ṣe sáré. Fún àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀rọ̀ tí kò ju ọgọ́rùn-ún lọ ti tó. Àkọ́kọ́ kọ tí ẹ bá kọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, nítorí àwọn tó ni áàpù á fẹ́ kí ẹ sọ gbogbo ohun tí áàpù náà lè ṣe. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó fi kọ̀ǹpútà mú ohùn yára kó lè wọlé: bí ohùn Yorùbá bá ti yára ju bó ṣe yẹ lọ, àmì ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn, olùgbọ́ á sì máa tún gbólóhùn tẹ̀lẹ̀ rò nígbà tí èyí tó kàn ti ń lọ.

Bí ọ̀rọ̀ tiwa ṣe lọ rèé:

Ìran 1: *Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́. Alájọ fàlà sí káàdì, ó ń lọ.*

Ìran 2: *Ìparí oṣù dé, owó dọ́wọ́. Àmọ́ owó ilé-ìwé ṣì ku oṣù márùn-ún, ọ̀nà ọ̀fun sì wà nítòsí.*

Ìran 3: *Ẹ ṣí áàpù yìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń torí ẹ̀ fowó pamọ́, ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ kó jẹ́, ẹ mú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á.*

Ìran 4: *Láràárọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta á fúnra ẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì yín, á bọ́ síbi tọ́wọ́ ò tètè dé.*

Ìran 5: *Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á kí ọjọ́ tó pé, ẹ lè gbà á. Àmọ́ èlé ẹ̀ ò ní tẹ̀lé e.*

Ìran 6: *Ọjọ́ pé. Owó ilé-ìwé náà pé.*

Ẹ wò ó pé a ò sọ̀rọ̀ alájọ láìdáa. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ fọkàn tán alájọ wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ti bá a ṣe fún ọdún pípẹ́. Fídíò tó bá ya alájọ bí olè á lé wọn sá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìṣòro tí áàpù yìí ń yanjú kò sí lọ́wọ́ alájọ. Bí owó ṣe ń dọ́wọ́ ní ìparí oṣù nígbà tí ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń kó o jọ ṣì jìnnà ni ìṣòro.

Ìran karùn-ún ni àwọn tó ni áàpù máa ń fẹ́ kí ẹ yọ. Ẹ má ṣe gbà. Tí ìyá yẹn bá gba owó rẹ̀ jáde ṣáájú ọjọ́, tó wá rí i pé èlé ò sí níbẹ̀, á sọ fún gbogbo ọjà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí ẹ fi sọ òótọ́ yẹn kò pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní òfin áàpù náà gan-an, nítorí àwọn kan ń yọ lára owó tí èèyàn kó jọ pàápàá, bí tiwọn bá sì rí bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ yí padà.

Bákan náà ni gbólóhùn "owó yín wà láìléwu." Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ béèrè orúkọ báńkì tó ní ìwé àṣẹ tí owó náà ń sùn sí. Ní Nàìjíríà, àjọ NDIC ló ń dáàbò bo owó ìfipamọ́, oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n sì gbé iye tó ga jù lọ sókè: ₦5 mílíọ̀nù fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá kan, ₦2 mílíọ̀nù ní báńkì kéékèèké. Tí ẹ bá ń ṣàtúnṣe fídíò àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ₦500,000 ayé àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa iye owó. ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 180 jẹ́ ₦90,000. Lẹ́nu, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà" gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà á pè é ní "ọ̀kẹ́ mẹ́rin àbọ̀," àwọn ọmọ wọn kò sì ní mọ èyí tí ẹ ń wí. Ẹ jẹ́ kí ojú ka iye náà, kí etí gbọ́ ohun tí owó wà fún. Ìdí nìyí tí ohùn fi sọ "owó ilé-ìwé náà pé," tí ₦90,000 sì hàn gàdàgbà lójú fóònù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn ìdánwò sílẹ̀, ohùn tiyín gan-an. Ohùn yẹn ni yóò sọ ìgbà tí ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Àmọ́ kí ohùn gidi tó dé, ẹ má ṣe dán ìrìn àwòrán kankan, nítorí ẹni tí ẹ bá san owó fún láti sọ̀rọ̀ náà kò ní mí níbi tí ẹ ti mí.

Àwòrán àpẹẹrẹ

Àwòrán àpẹẹrẹ ni àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́, tó rí gẹ́lẹ́ bí fídíò yóò ṣe rí nígbà tó bá parí: àwọ̀ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, òjìji rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ìran tó rọrùn jù ni ẹ ó kọ́kọ́ yà. Mẹ́ta tó. Ẹ ya káàdì alájọ (ìran 1), ojú áàpù (ìran 3), àti èyí tí igunmẹ́rin pọ̀ jù níbẹ̀ (ìran 4). Tí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ gbà ya igunmẹ́rin bá lè dáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn yòókù ò ní le.

Àwọ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ lò: àwọ̀ aró fún ilẹ̀ (`#1F2A6B`), àwọ̀ páálí (`#FBF3E4`), àti àwọ̀ wúrà (`#F2A900`). Òfin wúrà ni pé owó nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Igunmẹ́rin tí owó ti wọ̀ jẹ́ wúrà, èyí tó ṣófo jẹ́ àwọ̀ páálí. Tí ẹ bá tún fi wúrà kun bọ́tìnì tàbí gèlè ìyá náà, òfin yẹn ti bàjẹ́, ojú ò sì ní mọ ibi tí owó wà mọ́. Kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun kí ẹ tún wò ó. Bí wúrà àti àwọ̀ páálí bá di eérú kan náà, ẹ mú wúrà ṣókùnkùn sí i tàbí kí ẹ fi ìlà yí igunmẹ́rin òfìfo ká dípò kí ẹ kun inú rẹ̀. Ìlà yẹn ni èmi yóò yàn, torí káàdì gidi náà ìlà ló ní.

Igunmẹ́rin 31 lórí káàdì: márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òòró, ó ku ọ̀kan tó dá dúró nísàlẹ̀. Ọ̀kan yẹn ni iṣẹ́ alájọ, nítorí owó ọjọ́ kan nínú oṣù ló máa ń mú. Ẹni tó bá dá ₦500 fún ọjọ́ 31, ₦15,500 ló kó jọ, ₦15,000 ni yóò gbà. Ohùn ò sọ èyí, àmọ́ ẹni tó mọ káàdì á rí i.

Ní ìran kẹrin, igunmẹ́rin di 180. Méjìlá ní ìbú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òòró. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ píksẹ́lì 60, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ 16, gbogbo rẹ̀ á gba 896 ní fífẹ̀ àti 1,124 ní gíga. Ó wọlé rẹ́gí, nítorí kò yẹ kí ohunkóhun tó ṣe pàtàkì wà nínú bíi 250 tó wà lókè pátápátá tàbí 350 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ibẹ̀ ni áàpù tí wọ́n ti ń wo fídíò máa ń gbé orúkọ àti bọ́tìnì tirẹ̀ lé.

Ojú áàpù, ẹ tún un yà fúnra yín. Tí ẹ bá ya fọ́tò ojú áàpù gidi tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù, lẹ́tà rẹ̀ á kéré jù, ohun ogún á sì máa pe ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi mẹ́ta tí ohùn dárúkọ sílẹ̀: ohun tí owó wà fún, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀. Kí lẹ́tà tó kéré jù tó píksẹ́lì 60. Àmọ́ bọ́tìnì tí èèyàn máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà nínú áàpù gidi, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ gan-an, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìyá náà á ṣí áàpù, á sì máa wá ohun tó rí nínú fídíò tì.

Èlé ni ibi tí àwòrán ti máa ń purọ́ láìmọ̀. Ká ní áàpù ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹni tó ń yára á gbà pé ìdá mẹ́wàá ₦90,000 ni, ìyẹn ₦9,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. ₦500 ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló lo ọjọ́ 180 níbẹ̀. Ti ọjọ́ ìkẹyìn lo ọjọ́ kan péré. Tí ẹ bá ṣírò owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ọjọ́ tó lò, gbogbo èlé náà jẹ́ bíi ₦2,200. Bí ọ̀pá tí ẹ fi ń ṣojú owó bá ga tó píksẹ́lì 800, èlé tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju píksẹ́lì 20 lọ. Bí àwọn tó ni áàpù bá ní 20 kéré jù, ẹ yọ ọ̀pá náà kúrò, kí ẹ má fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Nípa lẹ́tà Yorùbá: kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ tẹ "ọ̀kẹ́ mẹ́rin àbọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ṣọ́ọ̀bù" sínú rẹ̀. Kò sí ọ́ tàbí ẹ̀ kan tó wà lódindi nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Ọ àti àmì orí rẹ̀ máa ń jẹ́ ohun méjì tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ tò léra. Fọ́ǹtì tí kò kọ́ ọ á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans máa ń tò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì tó ìlọ́po 1.4 gíga lẹ́tà, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan má bàa kọlu àmì orí ìlà kejì.

Ìkọjá láti ìran sí ìran

Ìkọjá àkọ́kọ́ ni kí igunmẹ́rin káàdì di fóònù, ní òpin ìran 2. Nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń mú àwòrán rìn, ẹ yan igunmẹ́rin kan tó wà nítòsí àárín káàdì, ẹ má ṣe mú èyí tó wà ní igun, nítorí ibi tí ojú wà ní òpin ìran kan ni ìran tó kàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Shape Layer yà á, píksẹ́lì 120 ní ìbú àti òòró, pẹ̀lú Roundness 12. Láàárín fírémù 15, ẹ jẹ́ kí Size rẹ̀ di 600 àti 1200, kí Roundness di 70, kí ó sì wà ní àárín gbùngbùn, 540, 960.

Size ni kí ẹ yí o, ẹ má fọwọ́ kan Scale. Scale máa ń fa igun náà gùn pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ìlà yíká á nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju èkejì lọ, igun tó yẹ kó rí rogodo á wá fẹ̀ bí ẹyin. Tí ẹ bá rí igun fóònù tó rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti ṣì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọn kífírémù, ìyẹn àmì ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ tẹ F9 fún Easy Ease, àmọ́ ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Easy Ease lásán máa ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan rìn bákan náà, bí ìlẹ̀kùn tó ń fúnra rẹ̀ ṣí. Ẹ ṣí Graph Editor, ẹ fa apá ìparí títí Influence fi tó 80, kí ìbẹ̀rẹ̀ sì wà ní bíi 30. Igunmẹ́rin á fò jáde, á wá rọra balẹ̀. Àwọn igunmẹ́rin 30 yòókù gbọ́dọ̀ ti pòórá ní fírémù kẹfà, ohun tó wà nínú fóònù sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní fírémù kọkànlá, mẹ́rin ṣáájú kí fóònù tó dúró. Tí ẹ bá dúró kí fóònù kọ́kọ́ balẹ̀ kí lẹ́tà tó wọlé, ihò kan á wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń wò ó ò lè dárúkọ, àmọ́ á sú u.

Ìkọjá kejì ni kí igunmẹ́rin kan di 180. Ní ìran 4, ẹ fi ọwọ́ ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́: wúrà kan wọlé bí ohùn ti sọ "láràárọ̀," òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé. Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ lọ́ra ni pé ibẹ̀ ni ìyá náà ti ń mọ̀ pé igunmẹ́rin kan jẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ìwòye á sún sẹ́yìn, tí àwọn yòókù á sì kún bí òjò. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ṣe ìyẹn. Ẹ kó ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sínú kọ́ńpù kan tó dá wà, ìyẹn àpò tí a ń kó àwọn ìpele sí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele kan, kí Anchor Point rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì fi èyí sínú Scale rẹ̀:

```
t = time - (index - 1) * 4 * thisComp.frameDuration;
s = ease(t, 0, 0.4, 0, 100);
[s, 100]
```

Scale tọ̀nà níbí nítorí ìlà náà kàn ń ṣí láti òsì sí ọ̀tún, kì í dúró sójú kan ní ìdajì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní fírémù mẹ́rin lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìlà ìkẹyìn á bẹ̀rẹ̀ ní fírémù 56, á sì parí ní fírémù 66, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ àti díẹ̀. `index` ń ka ìpele láti òkè. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fi ìpele mìíràn sórí wọn, bóyá àmì áàpù tàbí ìkùukùu kan, gbogbo ìlà á fà sẹ́yìn, á sì kúrò lára ohùn. Bí ìlà bá ṣàdédé pẹ́ lẹ́yìn tó ti ń ṣe dáadáa lánàá, ẹ wo òkè kọ́ńpù náà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ìkọjá kẹta lọ padà sí ọ̀kan: ní ìran 6, igunmẹ́rin 180 sáré wọ inú ara wọn, wọ́n di rìsíìtì owó ilé-ìwé, ₦90,000 sì wà lórí rẹ̀. Bó ṣe fẹ̀ láti ọ̀kan ni yóò ṣe padà di ọ̀kan, ní fírémù 18. Ìran 5 kò nílò ìkọjá rárá. Gígé lásán ló dára jù níbẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ ni, ìkìlọ̀ kì í sì í jó wọlé.

Bí lẹ́tà bá fẹ́ rìn, ẹ jẹ́ kó rìn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú Range Selector, ẹ ṣí Advanced, ẹ gbé Based On sí Words. Bó bá jẹ́ Characters ló wà níbẹ̀, àmì ohùn lè fò wọlé lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ̀ ti balẹ̀, fún ìwọ̀n fírémù mélòó kan "ọjọ́" á sì di "ọjọ." Tí fọ́ǹtì bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lo Create Shapes from Text kí àmì lè lẹ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀ pátápátá, àmọ́ ẹ tọ́jú ìpele ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹ ò ní lè tún àṣìṣe kọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Tí ẹ bá gbé e jáde ní MP4 pẹ̀lú H.264, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù tí kò lówó lórí, lórí Wọ́sáàpù, kí ẹ wò ó láti ibẹ̀. Wọ́sáàpù máa ń fún fídíò pọ̀. Àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ á di ìlà ìlà, àmì kéékèèké bíi ti àdìrẹ á di ìdọ̀tí, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa gbọ̀n nígbà tí igunmẹ́rin 180 bá ń kún. Tí ẹ bá rí ìgbọ̀n yẹn, ẹ mú ìlà yíká igunmẹ́rin tó píksẹ́lì mẹ́rin, kí ẹ sì tún un rán. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn, kí ẹ tún pa ohùn kí ẹ wò ó. Bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn náà bá lè sọ fún yín pé owó ń wọ inú káàdì lójoojúmọ́ títí ó fi pé, ẹ lè gbé e fún àwọn tó ni ín.